Àlejò Wọlé, A Kọ́kọ́ Ka Òfin Fún Un

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó yíyá, kì í sì í ṣe ti èlé. Ọ̀rọ̀ gúrúùpù Wásáàpù àdúgbò ni, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń kí àlejò káàbọ̀ sínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni ádímínì gúrúùpù níbi tí ẹ ń gbé. Ní Adó yìí, ẹni tí àwọn aládùúgbò bá ti rí i pé ó lè di ìwé owó mú, òun náà ni wọn yóò ní kí ó wá máa tọ́jú gúrúùpù. Bí wọ́n ṣe kó èmi náà sí i nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2 sẹ́yìn, ìyá kan kó wá sí òpópónà wa ní ìhà Básírì. Ẹja yìnyín ni ó ń tà, ó sì ní fírísà ńlá 2 nínú ilé. Ọjọ́ kẹta tí ó dé ni a fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú gúrúùpù, mo sì fi ọ̀rọ̀ tí a máa ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo àlejò ránṣẹ́ sí i. Kò tó wákàtí kan tí ó fi jáde. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ìdí. Àwọn kan tilẹ̀ ní bóyá agbéraga ni.

Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń tún tíránsífọ́mà wa ṣe sọ fún alága pé wọn yóò pa iná fún ọjọ́ 2. Alága kọ ọ́ sínú gúrúùpù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Gbogbo ẹni tí ó ní ọjà nínú fírísà ni ó gbéra: àwọn kan lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀, àwọn kan kó ọjà wọn lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní Ajílòsun. Ìyá ẹlẹ́ja kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé iná lọ bí ó ti máa ń lọ ni, pé yóò dé lálẹ́. Nígbà tí yóò fi di òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, páálí Títù 4 àti páálí Kótè 2 ti rọ̀ pátápátá. Èyí tí ó ṣeé yan lára rẹ̀ ni ó yan, ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ kó ìyókù sí.

Mo lọ kí i. Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi jáde nínú gúrúùpù. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Akọ̀wé, ẹ má bínú o. Bí mo ṣe wọlé ni mo rí i tí ẹ kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ polówó ọjà. Mo ní, ṣé wọ́n ti gbọ́ pé ẹja ni mò ń tà ni, àbí èmi ni wọ́n ń bá wí? Mo ní kí n yáa kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó lé mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Nígbà tí mo délé, mo ka ohun tí a fi ránṣẹ́ sí i bí ẹni pé èmi ni àlejò. Òfin 17 ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni ti ìpolówó ọjà. Èkejì ni pé a kò gba àdúrà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri. Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tí ó bá jẹ owó ọdẹ fún oṣù 3, a óò kọ orúkọ rẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i. Mẹ́sàn-án nínú òfin 17 náà ni ó parí sí "a óò yọ ọ́". Ìsàlẹ̀ pátápátá ni "ẹ káàbọ̀" wà, lẹ́yìn "ní àṣẹ alága". Kò sí ibi tí a ti sọ pé ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ìròyìn iná. Kò sí nọ́ńbà ọdẹ. Kò sí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí àlejò lè pè bí nǹkan kò bá yé e.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ wò ó báyìí. Oníbàárà wọ ṣọ́ọ̀bù yín fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò tíì jókòó, kò tíì béèrè iye ọjà, ẹ sì dìde sí i, ẹ ní, "A kì í tà láwìn o, a kì í gba ọjà padà o, ẹni tí ó bá fọwọ́ kan nǹkan tí ó sì fọ́ yóò san án." Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àkọlé "A kì í tà láwìn" wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi títí di òní. Ṣùgbọ́n ara ògiri ni ó wà, a kì í fi kí ènìyàn. "Ẹ káàbọ̀ o, kí ni ẹ fẹ́ rà?" ni ó ń ṣáájú. Bí oníbàárà bá béèrè àwìn nígbà tí ó yá, a óò rọra tọ́ka sí ògiri.

Bí Wásáàpù fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ tún dá kún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún gúrúùpù kì í rí ohun tí a ti sọ sẹ́yìn, àfi bí ẹnì kan bá dìídì fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ lè ti fi oṣù 6 jà lórí ìpolówó ọjà kí ẹ tó fẹnu kò. Àlejò kò mọ̀. Òfin tí ẹ ṣe nítorí ẹnì kan tí ó ń fi àwòrán bàtà dà yín láàmú lójoojúmọ́, lójú àlejò, òun ni ẹ ṣe é fún. Ẹ̀yin ń rántí ìjà àtijọ́, òun ń rí ìbáwí lásán. Mo ka òfin 17 wa ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí n kò lè dárúkọ ẹni tí ó fà á. Àwa àgbà inú gúrúùpù ni a hùwà tí ó bí gbogbo wọn. Àlejò kan kò sí níbẹ̀.

Nǹkan kejì jẹ mọ́ èdè wa gan-an, ó sì ti fa wàhálà ju bí a ti mọ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ẹ wo gbólóhùn kan nínú òfin wa àtijọ́, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ nìyí:

"E ma si geeti leyin aago mokanla ale."

Kí ni mo sọ? Ohun tí ó wà lọ́kàn mi ni "ẹ má ṣí géètì". Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá ní ilé kejì sí tèmi kà á sí "ẹ máa ṣí géètì". Ó ní òun rò pé àṣà òpópónà wa ni, pé kí àwọn tó ń pẹ́ dé lè rí ọ̀nà wọlé. Fún òru 2 gbáko ni ó fi ń lọ ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn tí ọdẹ ti tì í, kí a tó ká a mọ́bẹ̀. Ọdẹ fẹ́ lù ú. Ọmọ náà gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó ní, "Ẹ wò ó, akọ̀wé ni ó kọ ọ́." Kí ni mo fẹ́ wí? Bákan náà ni "e ma pe ode" ṣe lè jẹ́ pé kí a pè é, tí ó sì tún lè jẹ́ pé kí a má pè é. Lóru tí olè bá wọlé, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kì í ṣe kékeré.

Ẹni tí ó bá lè fi àmì sí i, kí ó fi sí i. Èyí ni ó dára jù. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kí ó tẹ "maa" pẹ̀lú a méjì nígbà tí ó bá ń sọ pé kí a ṣe nǹkan, kí ó sì kọ "ma se" nígbà tí ó bá ń sọ pé kí a má ṣe é. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí mo gbà pé ó ju méjèèjì lọ ni kí a sá fún ọ̀rọ̀ kékeré náà pátápátá. Dípò kí n sọ ohun tí a kò fẹ́, mo ń sọ ohun tí a ń ṣe: "A n ti geeti ni aago 11 ale. Eni ti yoo ba pe, ki o pe ode saaju." Kò sí àmì lórí rẹ̀ síbẹ̀, ó sì yé ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni ó tún rọ̀ létí. "Ẹ má ṣe" jẹ́ ohùn ẹni tí ó ń pàṣẹ. "A máa ń ṣe báyìí" jẹ́ ohùn ẹni tí ó ń mú àlejò rìn yí ilé ká, tí ó ń fi kànga hàn án.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹja náà, èmi, alága àti akápò jókòó, a kọ òmíràn. Bí ó ṣe rí nìyí, mo yọ nọ́ńbà ọdẹ kúrò nínú rẹ̀:

"Ẹ káàbọ̀ o. Inú wa dùn pé ẹ di ará òpópónà wa. Ibí ni a ti ń gbọ́ ìròyìn iná, omi, ààbò àti ìpàdé. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ lóru, ọdẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí; lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ọ́ síbí. Ọjọ́ Sátidé ni a ń fi ọjà han ara wa. Bí ẹ bá ń ta nǹkan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí a mọ̀ lọ́jọ́ náà, a fẹ́ràn láti rajà lọ́wọ́ ará ilé. Láti aago 10 alẹ́ sí aago 6 òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nìkan ni a ń kọ, nítorí àwọn tó ń sùn. A ń dá owó ọdẹ lóṣooṣù. Akápò yóò wá kí yín, yóò sì ṣàlàyé. Kò sí ádímínì tí yóò béèrè nọ́ńbà 6 tí ó bá wọ orí fóònù yín. Ẹni tí ó bá béèrè, olè ni. Bí ohunkóhun kò bá yé yín, èmi akọ̀wé ni kí ẹ pè. Ẹ tún káàbọ̀."

Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà wà níbẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti yí padà. Bí ó ṣe yí padà ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Nígbà tí a ń kọ ọ́, mo gbìyànjú láti rọ òfin àtijọ́ náà lójú. Mo kọ ọ́ ní ọ̀nà 3, 4. Kò rọ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ tó, ohun tí ó ń sọ kò ju pé a kò fẹ́ mọ iṣẹ́ tí àlejò ń fi jẹun. Akápò ni ó ní, "Ṣé kì í ṣe òfin náà fúnra rẹ̀ ni kò dára?" Òótọ́ ni ó sọ. Ìdajì òpópónà wa ni ó ń ta nǹkan. Ohun tí ó ń bí wa nínú ni kí ó má jẹ́ ojoojúmọ́, kì í ṣe kí ó má sí rárá. Bí a ṣe mú Sátidé nìyẹn. Láti ìgbà náà, ojú tí mo fi ń wo òfin ti yí padà: èyí tí kò bá ṣeé sọ jẹ́jẹ́ fún ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, mo máa ń gbé e padà síwájú ìgbìmọ̀ kí a tún un yẹ̀ wò.

Ti kíkọ orúkọ onígbèsè síta ni èyí kejì tí kò ṣeé rọ̀ lójú. A fà á ya. Nínú òfin 17, mẹ́rin péré ni ó kù nínú ọ̀rọ̀ ìkíni. Mẹ́fà lọ sí ibi àlàyé gúrúùpù, èyí tí ènìyàn ń rí bí ó bá tẹ orúkọ gúrúùpù lókè. Ibẹ̀ ni ògiri ṣọ́ọ̀bù wa. Méje tí ó kù, ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè wọn títí di òní.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà láàárín èmi àti alága. Alága ní bí a kò bá kọ iye owó ọdẹ sí i ní kedere, àlejò yóò wí lọ́la pé òun kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Èmi náà kò fẹ́ kí a fi owó pamọ́, nítorí ẹni tí ẹ bá fi ẹ̀rín kí lónìí, tí ẹ wá gbé ìwé gbèsè lọ bá ní ìparí oṣù, yóò wí pé ẹ tan òun jẹ ni. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni gbólóhùn kan ṣoṣo: pé owó wà, àti ẹni tí yóò wá ṣàlàyé rẹ̀. Iye rẹ̀, ọjọ́ tí a ń san án àti rìsíìtì rẹ̀, ẹnu akápò ni wọn yóò ti jáde, lójúkojú, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí kò tíì rí owó kó jọ lẹ́yìn ìkólé, yóò lè sọ ọ́ fún akápò nínú ilé rẹ̀. Kò ní sọ ọ́ lójú àádọ́ta ènìyàn. Ṣùgbọ́n akápò gbọ́dọ̀ lọ o. Bí kò bá lọ, irọ́ ni a pa.

Nípa nọ́ńbà 6 yẹn, mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí àlejò ni ó tètè ń kó sí i. Bí ènìyàn bá fẹ́ ṣí Wásáàpù sórí fóònù tuntun, ilé iṣẹ́ Wásáàpù yóò fi nọ́ńbà 6 ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni ìlà náà, láti mọ̀ pé òun ni lóòótọ́. Olè yóò tẹ nọ́ńbà yín sórí fóònù tirẹ̀, nọ́ńbà 6 náà yóò sì wọ orí fóònù yín. Lẹ́yìn náà ni yóò pè yín pé òun ni ádímínì gúrúùpù àdúgbò, pé kí ẹ ka nọ́ńbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún òun kí òun lè fi orúkọ yín sílẹ̀ fún ìpàdé. Àwa tí a ti pẹ́ mọ ohùn ara wa. Àlejò kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá kà á fún un, Wásáàpù rẹ̀ ti di ti olè, olè yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ yá owó lọ́wọ́ àwọn ẹbí àti oníbàárà rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ kejì kún un, kí ó wọ Settings, kí ó tẹ Account, kí ó wá tẹ Two-step verification, kí ó sì yan nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀. Gbogbo èyí kò lè wọ inú ọ̀rọ̀ ìkíni, gbólóhùn kan ti tó níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka gbólóhùn náà lọ́jọ́ tí ó wọlé, yóò rántí rẹ̀ nígbà tí fóònù bá dún.

Kí a tó fi nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sí gúrúùpù nísinsìnyí, mo máa ń pè é ṣáájú. Mo ń sọ fún un pé gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni yóò rí nọ́ńbà rẹ̀, mo sì ń béèrè bóyá ó fara mọ́ ọn. Obìnrin kan ní òun kò fẹ́ kí ọkùnrin tí òun kò mọ̀ ní nọ́ńbà òun. A kò bínú sí i, nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ ni a fi sí i. Nígbà tí a bá sì ń kí àlejò nínú gúrúùpù, orúkọ nìkan ni a ń dá. Mo ti rí i ní gúrúùpù mìíràn tí ádímínì kọ ọ́ pé kí wọ́n bá òun kí àǹtí kan tí ó gba fúláàtì ẹ̀yìn, pé òun nìkan ni ó ń gbé, pé bánkì ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Inú rere ni ó fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni pé ẹ̀yin ni olè.

Adó ti di ìlú tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀. Yunifásítì wà, Pólì wà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń wá láti oríṣiríṣi ìlú láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Ní òpópónà wa, a ní ará Ìgbìrà, a ní Ìgbò, a ní ọmọ ilé-ìwé tí yóò lo ọdún kan péré tí yóò sì kó lọ. Nítorí náà a kọ ọ̀rọ̀ náà ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, kò gùn ju ti Yorùbá lọ. Fún àwọn ìyá àti bàbá wa tí ojú wọn kò ríran kàwé mọ́, mo fi ohùn ara mi sọ ọ́ ní Èkìtì, kò tó ìṣẹ́jú 1. Ìyá àgbà kan ní òun ti gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, pé ohùn mi jọ ti ẹ̀gbọ́n òun tí ó ti kú. N kò mọ̀ bóyá ìyìn ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìkíni ti máa ń bàjẹ́ ni pé yóò sọnù sí abẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tí ó wọlé ní àárọ̀, kí ó tó jí fóònù rẹ̀ lálẹ́, ìkíni ọjọ́ ìbí 30 ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ títí yóò fi yọ àwọn àṣàyàn jáde, kí ẹ yan Pin, kí ẹ sì mú ọjọ́ 30. Yóò dúró sí òkè níbi tí àwọn tó ti wà nínú gúrúùpù nígbà tí ẹ fi ránṣẹ́ ti ń rí i. Lẹ́yìn ọjọ́ 30 yóò kúrò fúnra rẹ̀, ẹ ó tún un ṣe. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe náà ni kí ẹ kà á wò. Ọdẹ wa pààrọ̀ ìlà rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, fún odindi oṣù 2 ni a sì fi ń fún àlejò ní nọ́ńbà tí kò wọlé mọ́. Ọmọ ilé-ìwé kan ni ó sọ fún wa, ó ti pè é lóru kan tí ó gbọ́ ìró lẹ́yìn fèrèsé, kò lọ. A dúpẹ́ pé ewúrẹ́ ni.

Bí àlejò bá wá ṣe ohun tí kò bá àṣà mu ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìkọ̀kọ̀ ni mo máa ń pè é sí. Ọmọ kan fi fídíò òṣèlú ránṣẹ́ ní aago 5 ìdájí. Kí n tó jí, àwọn mẹ́ta ti bú u. Ọ̀rọ̀ ìkíni wa dára títí, ìbú mẹ́ta yẹn ni ó gbọ́ jù. Ohun tí a fi ẹnu kò lé lórí báyìí ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa bá àlejò sọ̀rọ̀ fún oṣù kìíní, ẹni náà sì ni èmi.

Ìyá ẹlẹ́ja ti padà wọlé. Mo lọ fi ọ̀rọ̀ tuntun náà hàn án kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n gbé gbólóhùn iná wá sí òkè, ó ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbé e lọ síbẹ̀. Ní oṣù 4 lẹ́yìn náà, wọ́n tún fẹ́ pa iná fún ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ dáhùn nínú gúrúùpù, ó ní gbogbo Kótè òun di ọ̀pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó tètè wá. Kì í ṣe Sátidé. Ẹnikẹ́ni kò wí nǹkan, èmi gan-an ra kílò 3.

Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ ìkíni gúrúùpù àdúgbò tirẹ̀ tí ó fẹ́ kí a jọ wò ó, kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kí ó mú un wá sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ ìpàdé, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń dé ní aago 3 ọ̀sán.